Mo Sá Là, Sèmè Nyọ́n: Orúkọ Agbábọ́ọ̀lù Lẹ́nu Ará Àgbádárìgì

 Ẹ̀yin olùgbọ́ wa láti Òjó àti Ìjànikin títí dé Àjárà, Àgbádárìgì àti Sèmè, ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tí à ń sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ. Orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò ní pápá, tí kò ní bàtà, tó jẹ́ pé inú fóònù ló ń gbé, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe Fáńtásì ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn ìyá àti bàbá wa ní kúkúrú. Eré kan wà tí àwọn tó ni Príímíà Líìgì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 2002, FPL ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fún yín ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn tí ẹ kò lè ná sí ọbẹ̀, torí owó orí ìwé lásán ni. Ẹ ó fi ra agbábọ́ọ̀lù 15: gólì 2, ọwọ́ ẹ̀yìn 5, ọwọ́ àárín 5, iwájú 3, ẹ kò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ nínú kíláàbù kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn wọ̀nyí bá ṣe lórí pápá gidi lópin ọ̀sẹ̀ ló ń di máàkì fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ á wá kó ara wọn jọ sínú líìgì kékeré tiwọn, wọ́n á máa wo tábìlì, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù kẹjọ títí di oṣù karùn-ún.

Orúkọ tí ẹ bá sọ ẹgbẹ́ yín ló máa ń hàn gàdàgbà lórí tábìlì yẹn, orúkọ tiyín á wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn kì í fi í sọ ọ́ bí ó ṣe wù kó rí. Wọ́n á mú orúkọ ìdílé agbábọ́ọ̀lù kan, wọ́n á fi dárà, títí orúkọ náà yóò fi sọ ohun mìíràn. Lẹ́tà 20 péré ni àpótí orúkọ náà sì gbà, tí a bá ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ 21, ẹ má dá ara yín láàmú.

Líìgì kékeré kan wà tí èmi náà wà nínú rẹ̀ níhìn-ín. Ènìyàn méjìlá ni wá. Olùkọ́ wà níbẹ̀, apẹja wà níbẹ̀, awakọ̀ kórópe wà níbẹ̀, obìnrin méjì tó ń ṣòwò lójú bodè Sèmè náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn orúkọ tí àwọn ará Lọ́ńdọ́nù ń lò ni a kàn ń dà kọ. Ọ̀kan nínú wọn ni `Eze Does It`. Orúkọ Eberechi Eze ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tó gba góòlù kan ṣoṣo tí Kírísítà Páláàsì fi gba ife FA ní oṣù karùn-ún 2025. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àrà náà wà: wọ́n ka lẹ́tà E-Z-E bí ẹni pé ó fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ wọn fún “ìrọ̀rùn”, ojú sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n etí wa níhìn-ín kò gbà. Ta ni kò mọ Eze ní Nàìjíríà? Oyè ọba Ìgbò ni, a mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, kò sì jọ ohun tí wọ́n fi ń ṣeré rárá. Orúkọ náà wà lórí tábìlì wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ẹni tó tún un ṣe ni awakọ̀ wa. Ó ní, kí ló dé tí a kò jẹ́ kí ẹnu tiwa pè é? Yorùbá kò ní lẹ́tà Z. Nígbà tí Sakaríyà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú Z tirẹ̀, S ni a fún un. Bí a bá wá ṣe Eze bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá ẹsẹ̀ ló bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni bọ́ọ̀lù. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí `Eze Girigiri`. Gbogbo wa ló gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì ilé àńjọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fáwẹ̀lì rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ náà yẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀ràn yìí dáadáa.

Ohun tí mo rí rèé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, fáwẹ̀lì ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn rí bẹ́ẹ̀: Saka, Iwobi, Aina, Semenyo. Kò sí ibi tí wọn kò lè bọ́ sí nínú gbólóhùn wa. Ẹ wá mú Haaland, tó ń gba góòlù bí òjò. N àti D kóra jọ sí ìdí orúkọ rẹ̀, a ní láti fi I dí i kí ẹnu wa tó lè gbé e. Mo ti wá àrà fún Haaland láti ọdún tó dé Mansẹ́sítà, n kò rí èyí tó dùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn jù fún mi. Gbogbo ayé mọ Mòhámẹ́ẹ̀dì Salah, ọmọ Íjíbítì tó dé Lífápúù ní 2017. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gé orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ kúrú, wọ́n ń pè é ní `Mo Salah`. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí, kí n pè é bí àwa ṣe ń pè é nílé ìwòran bọ́ọ̀lù: Mo Sálà. Ẹ tún un pè, díẹ̀díẹ̀. Mo. Sá. Là.

Gbólóhùn Yorùbá tó pé ni! Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní òun sá, òun sì là. Ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú “àsálà”, tí a máa ń sọ pé ẹnìkan sá fún ẹ̀mí rẹ̀. A kò fi lẹ́tà kún un, H ìparí rẹ̀ tí ẹnu wa kì í pè nìkan ni a yọ, ohùn rẹ̀ náà bá a mu: àárín, òkè, ìsàlẹ̀. Lórí fóònù, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ti í fi àmì sí ọ̀rọ̀, kò sí ohun tó ya orúkọ ọkùnrin náà kúrò lára gbólóhùn wa bí kò ṣe H yẹn. Àìsí àmì tó máa ń bí àwa olùkọ́ èdè nínú ló ṣe wá lóore níhìn-ín.

Apẹja tó wà nínú líìgì wa ló ni orúkọ yẹn, kò sì yàn án lásán. Òfin wa ni pé ẹni tó bá gbẹ́yìn lópin sáà ni yóò ra ẹja díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn mọ́kànlá yòókù. Ní sáà 2024 sí 2025, Salah gba góòlù 29 ní líìgì, ó kó máàkì 344 jọ nínú FPL, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù tó kó tó bẹ́ẹ̀ jọ ṣáájú rẹ̀. Apẹja wa ra á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi oyè kápútẹ́nì fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ kápútẹ́nì ni máàkì rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì. Títí sáà fi fẹ́ parí, ìsàlẹ̀ ló wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó fi máàkì mẹ́rin ju ẹni tó wà ní ipò kejìlá lọ. A ṣí tábìlì, a rí `Mo Salah` ní ipò kọkànlá. Orúkọ tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kẹjọ di ìròyìn: mo sá là! A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹni tí yóò ra ẹja.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun kan dán orúkọ wò. Mo máa ń pè é fún ẹni méjì. Èkíní kò mọ nǹkan kan nípa Fáńtásì. Gbólóhùn tàbí ọ̀rọ̀ tiwa ni mo fẹ́ kó gbọ́ láìbéèrè. Èkejì mọ bọ́ọ̀lù bí ẹní mowó. Agbábọ́ọ̀lù náà ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí. Bí ti èkíní bá yọrí tí ti èkejì kò yọrí, ọ̀rọ̀ lásán ni a kọ, àrà ti bọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá sì di pé mo ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, mo máa ń gbé orúkọ náà jùnù.

Bùkáyọ̀ Saka yọrí nínú ìdánwò yìí ju bí mo ṣe rò lọ. Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 2001, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń gbọ́ mi mọ ohun tí sàká jẹ́: ìdá kan nínú ogójì owó tó ti pé ọdún lọ́wọ́ ẹni, tí a ń yọ fún aláìní. Kí ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò fún un? “Yọ” ni. A ń yọ sàká. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá mú agbábọ́ọ̀lù kúrò nínú ẹgbẹ́ Fáńtásì rẹ̀, kí la máa ń sọ? A ní ó ti yọ ọ́. Nítorí náà `Yo Saka` ní ojú méjì, ojú méjèèjì ló sì ríran. Ẹni tó bá yọ Saka ní ọjọ́ Ẹtì, tí Saka wá gba góòlù méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti ṣe ìtọrẹ àánú fún gbogbo àwọn tó fi í sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Sèmè ló ni orúkọ náà. Alákòóbẹ̀rẹ̀ ni nínú eré yìí, ṣùgbọ́n lórúkọ, kò sẹ́ni tó bá a débẹ̀.

Àwọn ará Ìjànikin yóò ní mo gbàgbé tiwọn. N kò gbàgbé. Háfíìsì Oyètòrò, aláwàdà tí a mọ̀ sí Sàká, ti kọ́ni ní eré orí ìtàgé nílé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ tó wà ní Òtò-Ìjànikin. Ní 2013, nígbà tí ìjọba gbà wá láàyè láti gbé nọ́ńbà fóònù wa kúrò ní ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, òun ló bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n tó ń jó, tó ń kéde pé òun ti ṣí lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Saka ti Ásẹ́nà lè kọ `Saka Don Port`. Ó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà ló máa yé. Àwọn ọmọdé inú líìgì wa wò mí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ogun Kírìjì.

Ọlá Aina ti ẹgbẹ́ Nọ́tíńgáàmù, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà dáadáa, rọrùn jù wọ́n lọ. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àìná, ti ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ná owó, àìná náà ni, ohùn wọn kò sì yàtọ̀ rárá. Olùkọ́ kan tó fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù tí kò wọ́n kọ `Aina Owo`, ó sì fi ìyókù owó rẹ̀ ra àwọn tó wọ́n síwájú.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń bọ́ sí i báyìí. Alex Iwobi ti Fúláàmù ni mo fi dán ọwọ́ tèmi wò. Mo gé orúkọ rẹ̀ sí méjì, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mo kọ `Iwobi Tani`, kí ó lè jẹ́ “ìwọ, bíi ta ni?” Lójú, ó dára, àfojúdi ọ̀hún sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wà lókè tábìlì. Lẹ́nu, ó tiro. O tó wà nínú orúkọ Iwobi kò ní àmì nísàlẹ̀ bí a ṣe ń pè é, èyí tó wà nínú “ìwọ” ní in. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè é fún, ìwo ẹran ló gbọ́. Orúkọ tí ojú nìkan gbà ni, mo sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kò pọn dandan kí agbábọ́ọ̀lù tí ẹ fi dárà wà nínú ẹgbẹ́ yín, tàbí nínú líìgì Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Dáfíìdì Alaba, ọmọ Ọ́sítríà tí bàbá rẹ̀ wá láti Ògèrè Rẹ́mọ, kò gbá Príímíà Líìgì rí. Síbẹ̀, kí ni ará ọ̀nà Àgbádárìgì yóò gbọ́ tí ó bá rí `Alaba International` lórí tábìlì? Ọjà tó wà ní Òjó ni, ibi tí a ti ń ra rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ mi. Lẹ́tà 19 ni, pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan kó kún.

Mo fi èyí tó jẹ́ ti etíkun wa pátápátá sí ìkẹyìn. Àwọn Ògù inú líìgì wa máa ń sọ fún mi pé Yorùbá ni mo ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ìlú Ògù ni mo ń gbé. Òótọ́ ni. Oníṣòwò Sèmè kejì wá gbìyànjú pẹ̀lú Ryan Sessegnon ti Fúláàmù. Ìdílé Sessegnon ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá, ìkọ̀wé Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ orúkọ náà, níbi tí G àti N ti ń di “ny”. Ìdí rẹ̀ rèé tí ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì kà á fi máa ń fi G kọsẹ̀ láàárín ọ̀nà. Arábìnrin yìí kò kọsẹ̀. Ó gbọ́ “nyọ́n” ní ìparí rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ Ògù sì mọ̀ pé ohun tó dára ni wọ́n ń sọ pé ó “nyọ́n”. Ó pa iwájú orúkọ náà dà, ó kọ `Semegnon`: Sèmè dára. Àwọn Ògù rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù béèrè pé ta ni Semegnon. Ó ti gé orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà débi pé ojú kò rí i mọ́.

Gbogbo ìgbà yìí, ọmọ Gánà kan wà ní Bọ́ńmáàtù láti oṣù kìíní 2023, a ti ń rà á, a ti ń tà á, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Antoine Semenyo. Alẹ́ ọjọ́ kan ni ó gba góòlù wọlé, ẹni tó ń sọ eré pariwo orúkọ rẹ̀, arábìnrin wa sì dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ! Sèmè nyọ́n ló ń sọ!”

Lóòótọ́, ó sọ ọ́. N kò túmọ̀ orúkọ ìdílé ẹlòmíràn fún un, àwọn tó ni ín ló mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo kàn ń sọ ohun tí etí gbọ́ ní Àgbádárìgì. Ìyekan ni Ògù, Fọn àti Éwé tí wọ́n ń sọ ní Gánà àti Tógò. Nyọ́n tí Ògù ń sọ nímú, Éwé á ní nyó, ohun tó dára náà ni. Àlàfo kan ṣoṣo ni arábìnrin wa fi sáàárín orúkọ náà: `Seme Nyo`. Lẹ́tà méje àti àlàfo kan. Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan. Mo pè é fún ìyá àgbà kan tó ń ta àgbọn, tí kò mọ Fáńtásì. Ó ní lóòótọ́ ni Sèmè dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ti pọ̀ jù. Mo pè é fún ọmọkùnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran. Kí n tó parí, ó ti ń sọ iye góòlù tí Semenyo gbá sáwọ̀n.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè bá irú orúkọ báyìí jẹ́, òun ni kí agbábọ́ọ̀lù fi líìgì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ tí wọ́n fi Son ti Tọ́tíńhámù ṣe ló rọ lóṣù kẹjọ 2025, nígbà tó kọjá sí Amẹ́ríkà, torí kò sí ohun tó gbé wọn dúró bí kò ṣe òun. Ní oṣù kìíní 2026, Semenyo náà kó ẹrù rẹ̀, ó fi Bọ́ńmáàtù sílẹ̀ lọ sí Mansẹ́sítà Sítì. A bi arábìnrin wa bóyá yóò yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Ó ní kíláàbù ló pààrọ̀, Sèmè kò kúrò níbi tó wà.